Ọmọ mi ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé: ìdánwò kíkà sókè ní kíláàsì kẹta

Ìyá Tìmí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tìmí wà ní kíláàsì kẹta níbí ní Ìbàdàn. Wọ́n máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n wá ka àyọkà Yorùbá sókè, ìṣẹ́jú kan péré. Ó mọ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í dúró níbi kọ́mà, kì í dúró níbi ìdánudúró. Ibi tí kò yẹ ló ti máa ń mí, tó bá sì dé ìdajì, ohùn á ti tán. Kí ni mo lè ṣe kí ọjọ́ tó pé? Èyí ni àyọkà tí olùkọ́ ní kí wọ́n fi gbáradì:

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bísí àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Ìyá rẹ̀ ra iṣu, ata, àlùbọ́sà àti epo pupa. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bísí ní, "Ìyá mi, ṣé kí a sá sí abẹ́ igi yẹn?" Ìyá rẹ̀ kò gbà. Ó mú un lọ sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta búrẹ́dì.

Bọ̀dé Abẹ́òkúta
Kò le rárá, ma. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa nìyí: tó bá dé kọ́mà, kó ka "ení" sínú. Tó bá dé ìdánudúró, kó ka "ení, èjì". Tó bá dán an wò fún ọjọ́ díẹ̀, á mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kó sáré láàárín o, torí iye ọ̀rọ̀ tó bá kà ni wọ́n ń fi ṣe máàkì.

Akéde Àtijọ́
Mo ti ka ìròyìn lórí rédíò títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín ẹnu àti maikirofóònù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó mu, kì í ṣe omi inú fíríìjì. Kó gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ olóòtú kí àsìkò tó tó, kó fi bírò fa ìlà sí ibi tó ti máa mí. Ẹni tó bá lọ ṣe ìdánwò ní ilé iṣẹ́ rédíò láì ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, kò ní í rọrùn fún un.

Ìyá Tìmí
Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni o. Kíláàsì kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. 😂

Akéde Àtijọ́
Háà! Ẹ má bínú, mo rí "ìdánwò kíkà sókè", mo ti gbé e lọ sí sítúdíò. Ṣùgbọ́n fífa ìlà yẹn, mi ò kó o kúrò. Ọmọdé náà lè ṣe é.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú àtìlẹ́yìn ọmọ, Ìyá Tìmí. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọmọ nídìí irú ìdánwò yìí, èmi ni mo ń di ago àti pẹ́ńsù mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni tó jókòó síwájú ọmọ ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn Bọ̀dé ti máa kọsẹ̀.

Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ígírà, ìyẹn EGRA, ìdánwò kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń ṣe, àyọkà rẹ̀ máa ń tó ọgọ́ta ọ̀rọ̀, bí tiyín yìí. Mo kà á, 60 gééré ni. Bí ọmọ bá ti pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni a ń tẹ ago. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì kà, a fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ nínú ìwé ọwọ́ wa. Bó bá tún un kà fúnra rẹ̀ tó sì gbà á, ó ti tọ̀nà nìyẹn. Bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, a máa ní kó máa bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì wọ inú àṣìṣe. Nígbà tí 60 ìṣẹ́jú àáyá bá pé, a sàmì síbi tó dé. Lẹ́yìn náà la ó bi í ní ìbéèrè bíi márùn-ún lórí ohun tó kà, kìkì lórí ibi tó kà dé.

Ẹ wá wo kíka ení-èjì nísinsìnyí. Kọ́mà mẹ́fà ló wà nínú àyọkà yẹn. Ibi tí gbólóhùn parí sí náà jẹ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ti ìparí pátápátá kò kàn wá. Bí ọmọ bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan níbi kọ́mà, méjì níbi ìdánudúró, ó ti di mẹ́fà àti mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún ló fi dákẹ́ nínú ọgọ́ta! Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń ka ení-èjì sínú ò lè máa wo ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tó fi máa ń dúró, tí á tún wá dúró sí i láti wá ibi tó dé. Kò pẹ́ tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fi máa pé.

Kọ́mà kì í dọ́gba. Èyí tó wà lẹ́yìn "Sátidé" àti èyí tó wà lẹ́yìn "nílé" yẹ kí etí gbọ́ wọn, torí ọ̀rọ̀ àsìkò ló parí síbẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti iṣu àti ata ò ju kí ahọ́n kàn tẹ̀ wọ́n díẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn "Bísí ní" ńkọ́? Àgbà tó bá ń sọ ìtàn náà kò ní í dúró níbẹ̀ rárá, á kàn wọ inú ọ̀rọ̀ Bísí lọ. Níbi ìdánudúró ni kí ó ti mí. Bó bá mí níbẹ̀, èémí yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ìdúró, kò nílò kó ka nǹkan kan.

Bọ̀dé Abẹ́òkúta
Mo gbọ́, olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín ló sọ pé iye ọ̀rọ̀ lẹ ń kọ sílẹ̀. Kí ló wá burú nínú kó sáré?

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ bi ago. Nígbà tí mo bá ń dán ọmọ wò ní kíláàsì tèmi, mo máa ń fi pẹ́ńsù tọ́ka síbi tó dé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá márùndínlógún. Ẹ wo ọmọ kan tí mo lè júwe: ní márùndínlógún àkọ́kọ́ ó ka ọ̀rọ̀ 22, ní ìkejì 15, ní ìkẹta 9, ní ìkẹrin 8. Àpapọ̀ 54. Èkejì rẹ̀ tó jókòó tì í ka 14, 14, 13, 14, àpapọ̀ 55. Bí ẹ bá wo máàkì nìkan, ẹ ó ní ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ àkọ́kọ́ ti fi èémí rẹ̀ ṣòfò lórí gbólóhùn kìíní àti ìkejì. Ọ̀rọ̀ 8 tó kà kẹ́yìn yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo sì bi í pé níbo ni Bísí fẹ́ sá sí, ó ń wo àjà.

Ìyàtọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Ìparí máa ń bà jẹ́ mọ́ ẹni tó bá sáré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Tìmí, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń tán ní ìdajì tí ẹ sọ, bí ọ̀ràn yìí gan-an ló rí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ Bọ̀dé tó kù ni pé nínú Ígírà, kò sí máàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kọ́mà. Nínú ìdánwò tí olùkọ́ kíláàsì bá ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un ní máàkì. Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ pé èwo ni.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí tèmi náà. London la wà, ọmọ mi ń lọ sí kíláàsì Yorùbá ní gbogbo Sátidé. Bó bá dé àmì ìbéèrè báyìí, á gbé ohùn sókè fíìn ní ìparí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Ṣé kí a sá sí abẹ́ igi yẹ́n?" Ìyá mi ní kò dára, olùkọ́ rẹ̀ ní àmì ìbéèrè gbọ́dọ̀ hàn. Ta ló tọ̀nà?

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá yín. "Ṣé" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn ti sọ fún wa pé ìbéèrè ni, ẹ ò nílò kí ìparí tún gòkè. "Yẹn" ohùn àárín ni, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Bó bá fẹ́ kí ìbéèrè hàn, kó gbé ohùn gbogbo gbólóhùn náà sókè díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ bí ó ṣe máa ń sọ̀ níbi ìdánudúró. Ọmọ ti Ìbàdàn náà ń ṣe é o, kì í ṣe ti London nìkan. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wọn láti kàwé ló fà á.

Ìyá Tìmí
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé àyọkà náà fún un ní alẹ́ yìí. Ní gbólóhùn tó kẹ́yìn, ó ní "Ó mú un lọ sábẹ́ òrùlé", ó mí, ó ní "ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó", ó tún mí, "ń ta búrẹ́dì". Mo wo ìwé, kò sí kọ́mà kankan níbẹ̀ tí mo lè ní kó tẹ̀ lé. Kí ni mo máa sọ fún un?

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ káre! Ẹ ti bá mi mú ibi tó le jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá láì sí àmì kankan. Níbi tí àmì kò bá sí, ìtumọ̀ ni ọmọ máa fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ so mọ́ra, kó má sì gé e síbẹ̀.

Òrùlé ta ni? Òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ta ni? Ti bàbá kan. Nítorí náà "òrùlé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan" kò gbọdọ̀ pín, nǹkan kan ṣoṣo ni. "Tó" pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dá wà lẹ́yìn "bàbá kan", ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ló ni ín: "tó ń ta búrẹ́dì". Ibi tó lè mí sí ni kí ó tó pe "tó". Bí èémí rẹ̀ bá gùn, kó má mí rárá. Bí mo ṣe máa fa ìlà sí gbogbo àyọkà náà nìyí, ìlà kan fún ìdúró kékeré, méjì fún ibi tó ti máa mí:

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, / Bísí àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. // Ìyá rẹ̀ ra iṣu, ata, àlùbọ́sà / àti epo pupa. // Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, / òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. // Bísí ní, "Ìyá mi, / ṣé kí a sá sí abẹ́ igi yẹn?" // Ìyá rẹ̀ kò gbà. // Ó mú un lọ sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan / tó ń ta búrẹ́dì.

Akéde Àtijọ́
Olùkọ́, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ìlà tó kẹ́yìn. Ní tèmi, "Ó mú un lọ / sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta búrẹ́dì" ni. Bó bá mí ṣáájú "tó", àfi bí ẹni pé ó kàn rántí búrẹ́dì lẹ́yìn tó ti parí ọ̀rọ̀ ni.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí èémí rẹ̀ gùn bíi tiyín ló lè ṣe ìyẹn. Mẹ́sàn-án àti mẹ́rin ni tàwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fi mẹ́rin péré síwájú, ẹ wá fi mẹ́sàn-án sí ìparí. Ọmọdé tó bá ń gbé mẹ́sàn-án níbi tí èémí ti ń tán á tún gé e sí ibòmíràn.

Akéde Àtijọ́
Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo bá ń gbọ́ tó ń ké mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìta, èémí rẹ̀ gùn jù tèmi lọ. Èmi ò yí padà o.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ó dáa, kí Ìyá Tìmí dán méjèèjì wò.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ pẹ̀lú etí yín, kì í ṣe pẹ̀lú ojú. Ẹ wo "Ìyá rẹ̀ ra iṣu" àti "Ìyá rẹ̀ kò gbà". Bákan náà la kọ "ìyá rẹ̀" nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ wọ́n lẹ́nu bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ti àkọ́kọ́ á fà díẹ̀, á sì gòkè: "ìyá rẹ̀ẹ́ ra iṣu". Níbi tí "kò" bá wà, kò ní í gòkè bẹ́ẹ̀. "Òjò bẹ̀rẹ̀" náà, "òjòó bẹ̀rẹ̀" là ń pè é. A kì í kọ ohùn yẹn sílẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó mọ èdè ló ń fi sí i fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ti rí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bọ̀. Ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tíì rí "ra" nígbà tó ń pe "rẹ̀", nítorí náà á sọ ọ́ sílẹ̀ gbọ̀ọ́. Bí mo bá dúró sí ẹ̀yìn ògiri, ohun tí mo fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń ka gbólóhùn tàbí ó ń ka ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìyá Tìmí
Ẹ wò ó, ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́! Níbi "ìyá rẹ̀ ra" ó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi "ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà" ó gbé e dáadáa.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
"Lọ sí ọjà" wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣáájú ẹnu. Ẹ dán nǹkan kan wò: nígbà tó bá ń kà lọ, ẹ ṣàdédé fi ọwọ́ bo ojú ìwé. Bó bá ṣì lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, ojú rẹ̀ wà níwájú. Bó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ yín bò ló ń kà lọ́wọ́. Ẹ ṣe é níbi tó rọrùn àti níbi tó le, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe é ju ìgbà kan tàbí méjì lọ lálẹ́ o, inú ọmọ á bí.

Ní ti ìgbáradì: ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ ka láti ìlà dé ìlà bí mo ṣe fà wọ́n, kó máa tẹ̀ lé yín. Lẹ́yìn náà kó kà á fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìlà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kọ àyọkà náà sí ìwé mìíràn láìsí ìlà, kó kà á. Ẹ má tẹ ago fún un títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, torí ago ló kọ́ ọ láti sáré. Kí ẹ tún wá àyọkà mìíràn tí kò tíì rí, torí bó bá ti há ti olùkọ́ sórí, kò kàwé mọ́ nìyẹn, ó ń ka àkọ́sórí.

Bọ̀dé Abẹ́òkúta
Olùkọ́, ìbéèrè kan. Àwọn ará Ìbàdàn máa ń pe "ṣé" ní "sé", "iṣu" ní "isu". Ṣé ẹ máa ń fa ìlà kọjá lórí ìyẹn?

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé wọn nìyẹn, a kì í kà á sí àṣìṣe. Bó bá sì ka "sí ọjà" ní "sọ́jà", bí àgbà ṣe ń sọ ọ́, èmi kì í fa ìlà sí i. Ti ohùn ló ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa olùdánwò. Ọmọ tó bá pe "ọjà" ní "ọ̀já", ọ̀rọ̀ mìíràn ló pè. Èmi máa ń fa ìlà kọjá. Ẹnì kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bí gbólóhùn bá ṣì yé ọmọ, kí n fi í sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù
Bí àyọkà náà kò bá ní àmì ohùn rárá ńkọ́? Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyẹn ni mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú. Bí ìwé bá pa àmì ohùn rẹ́, mi ò rí ẹ̀tọ́ tí mo ní láti fa ìlà sí ọmọ tó ṣì í kà. Ẹ bá mi bi olùkọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Ìyá Tìmí
Mo ti bi olùkọ́ Tìmí. Ó ní ti kíláàsì ni, máàkì wà fún ìdúró. Mo dán ti ẹ̀gbọ́n Akéde wò lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn, èémí Tìmí gbé e dé "bàbá kan", ó sì tún mí níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìlà olùkọ́ la máa lò. Àyọkà mìíràn ni mo ń wá báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó tó ọgọ́ta ọ̀rọ̀, kó bá mi gbé e síbí.

Akéde Àtijọ́
Mo ní ọ̀kan nípa adìẹ àti àwòdì tí mo kọ fún ọmọ-ọmọ mi. Màá tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ òní. Kọ́mà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kí olùkọ́ bá mi yọ èyí tí kò wúlò.